Páténtì Thai ojú ìwé 18: bí ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà sí kọsitọ́mà pé iṣẹ́ rẹ̀ máa gba àsìkò sí i

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi jù nìyí: "Kọsitọ́mà mi ní ojú ìwé 18 péré ni, kí ló dé tí mo fi ń bèèrè ọjọ́ 9, kí ni kí n kọ sí i?" Ọ̀pọ̀ ti kọ lẹ́tà kan kí wọ́n tó bi mí, tí mo bá sì ka lẹ́tà ọ̀hún, ohun kan náà ló máa ń wà níbẹ̀: èdè Thai le, páténtì náà le, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù fún wa. Kọsitọ́mà tó bá ka irú ẹ̀ máa rò pé ẹ ti gba iṣẹ́ púpọ̀ jù lẹ ṣe ń wá àwáwí, èmi náà ì bá sì rò bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ owó mi ni.

Ohun tí lẹ́tà yẹn ní láti ṣe ni kó mú ọ̀rọ̀ kan, ó pọ̀ jù méjì, látinú ìwé tiẹ̀ gangan, kó fi hàn án ibi tí owó rẹ̀ máa gbà jáde tá a bá fi wàdùwàdù tú u. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, bí ẹ ṣe máa rí ọ̀rọ̀ yẹn ni, àti bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀ kó yé ẹni tí ò gbọ́ Thai rárá.

## Iṣẹ́ tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ

Kọsitọ́mà yìí ní ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹnjiníà ni fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn kan ní Thailand, àwọn yẹn sì sọ pé ẹ̀rọ àwọn ní páténtì, ìdí tówó ẹ̀ fi wọ́n nìyẹn. Ó wá fẹ́ ka páténtì náà lédè Òyìnbó kó tó fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ojú ìwé 18 ni, kíléèmù 7 ló wà nínú ẹ̀ (kíléèmù làwọn gbólóhùn tó wà ní ìparí, tó ń sọ ohun tí wọ́n dáàbò bò gan-an), àwòrán sì wà níbẹ̀. Mọ́ńdè ló fi ránṣẹ́, ó ní òun fẹ́ ẹ ní Fúráídeè. Èmi bèèrè pé kó jẹ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 9 dípò 5.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun: wákàtí kan pẹ̀lú ìwé náà

Ẹ má kọ lẹ́tà tí ẹ ò tíì ṣí ìwé wò. Tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá gbọ́ Thai, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń darí iṣẹ́ ni, ẹ sanwó wákàtí kan fún atúmọ̀ èdè yín kí ẹ jọ wò ó lórí fóònù. Wákàtí yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa kọ.

1. Ẹ wo irú ìwé tó jẹ́ àti ọdún rẹ̀. Ní Thailand, páténtì gidi ni สิทธิบัตร. Èyí tó ní อนุ níwájú, อนุสิทธิบัตร (ẹ pè é ní "ànú-sìt-tí-bàt"), páténtì kékeré ni. Páténtì ńlá ọdún 20 ló ń lò látọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀. Kékeré, ọdún 6 ni, wọ́n lè fi ọdún 2 kún un lẹ́ẹ̀mejì, kó wá di 10. Ti kékeré yìí, ìjọba kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tuntun ni lóòótọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ti kọsitọ́mà wa, kékeré ni, èyí sì yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un lọ́jọ́ kìíní torí lọ́yà ẹ̀ máa fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí ẹ máa rí níbẹ̀, ọdún Búdà ni, wọ́n máa ń kọ พ.ศ. síwájú ẹ̀. Ẹ yọ 543 kúrò. 2563 tó wà lórí ti wa, 2020 nìyẹn. Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é o, mo ti rí ìtumọ̀ tí wọ́n fi 2563 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí páténtì wá dà bí ohun tí àwọn ọmọ ọmọ ọmọ wa máa fi sílẹ̀.

2. Ẹ gbìyànjú láti kọ́pì ìlà mẹ́ta jáde. Tí PDF náà bá jẹ́ àwòrán tí wọ́n ya, kò ní ṣe é kọ́pì. Ẹ máa ní láti fi ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di lẹ́tà kà á, tàbí kí èèyàn tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wàhálà àkọ́kọ́ wà nìyí, torí àmì ohùn Thai àti àwọn fáwẹ́lì kan, orí lẹ́tà tàbí abẹ́ lẹ́tà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n kéré, wọ́n sì máa ń bọ́ dànù. Àwa tá a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá tí wọn ò fi àmì sí, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti gbà. ใกล้ túmọ̀ sí "nítòsí", ไกล túmọ̀ sí "jìnnà". Ìró kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n, lórí ìwé sì rèé, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí orí ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ àti àmì kékeré kan lókè ni gbogbo ìyàtọ̀ wọn. Tí ẹ̀rọ bá ṣì í kà, páìpù omi tó yẹ kó wà nítòsí asẹ́ máa wá jìnnà sí i, gbólóhùn náà á ṣì dán mọ́rán lójú ẹni tó ń tú u.

Ẹ tún rántí pé Thai kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. ตากลม, tí ẹ bá gé e sẹ́yìn ตา, ojú roboto ni. Tí ẹ bá gé e sẹ́yìn ตาก, sísá nǹkan sí afẹ́fẹ́ ni. Nínú ìwé nípa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń sá, ẹ mọ èyí tó tọ́, àmọ́ ibi tí ẹ̀ ń fojú kà á náà ni ẹ ti ń gé e, iṣẹ́ sì nìyẹn.

3. Ẹ ka kíléèmù, kí ẹ fi pẹ́ńsù yí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì ká. Kíléèmù lẹ máa kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ojú ìwé kìíní. Ẹ má yí ju mẹ́wàá lọ.

4. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀, kí ẹ ṣírò ọjọ́. Màá padà sí èyí.

## Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà máa dúró lé

Nínú ìwé tiwa, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni แป้ง, ẹ pè é ní "pẹ́ẹ̀ng". Ó wà nínú orúkọ ẹ̀rọ gan-an. Thai ń pe fùláwà ní แป้ง, wọ́n ń pe sítáàṣì ní แป้ง, pódà tí wọ́n ń fi sára ọmọ náà, แป้ง ni. Ní ọjà, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ mọ ohun tó ń rà. Kódà àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó dájú, wọ́n á yá ọ̀rọ̀ Òyìnbó lò mọ́ ọn, แป้งสตาร์ช fún sítáàṣì, แป้งฟลาวร์ fún fùláwà. Ẹni tó kọ páténtì yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀, แป้ง lásán ló kọ látòkè délẹ̀.

Ẹni tó ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe láfún àti ibi tí wọ́n ti ń yọ sítáàṣì kò nílò àlàyé púpọ̀. Láfún, gbogbo ẹ̀gẹ́ yẹn lẹ rẹ, tí ẹ sá, tí ẹ lọ̀, okùn inú ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Sítáàṣì, ẹ rin ẹ̀gẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lórí asẹ́, èèrí dúró sókè, omi funfun lọ sísàlẹ̀, ohun tó tòrò nínú omi yẹn lẹ fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣe èkíní àti ẹ̀rọ tó ń ṣe èkejì ò jọ ra wọn. Tí atúmọ̀ èdè bá wá kọ fùláwà níbi tó yẹ kó kọ sítáàṣì, ẹnjiníà wa á rò pé páténtì náà ò kan ẹ̀rọ tóun fẹ́ rà, á máa bá wọn já owó sílẹ̀ lórí ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé òdì kejì ni, á san owó páténtì fún ohun tí páténtì ò bò.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́:

- Ẹ wo àmì ìpín lójú ìwé kìíní. Tí ẹ bá rí `C08B 30/04`, ibi tí wọ́n ń kó yíyọ sítáàṣì àti fífọ̀ ọ́ mọ́ sí nìyẹn. Àmọ́ gbogbo ìwé ni àmì yẹn ń sọ, kò sọ ìlà kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ wá omi. Tí kíléèmù bá ní asẹ́, páìpù tó ń fọ́n omi, àti ibi tí กาก (èèrí) ń gbà jáde, sítáàṣì ni wọ́n ń yọ.
- Ẹ wo àwòrán, kí ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà ẹ̀yà ẹ̀rọ láti ibi tí ẹ̀gẹ́ ń wọlé dé ibi tí ohun tó kẹ́yìn ń jáde.

Kíléèmù 1 tiwa ní omi, ó ní asẹ́ tó rí bí ìlù tó ń yí, ó ní ibi tí èèrí ń bá jáde, kò ruju rárá, sítáàṣì ni. Ibi tí ó ti dojú rú ni kíléèmù 6: níbẹ̀, èèrí yẹn ni wọ́n gbẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá ní ó di แป้ง. Èèrí tí wọ́n lọ̀ ò lè jẹ́ sítáàṣì tó mọ́, ìyẹ̀fun lásán ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó bá sáré, tó ti kọ ọ́ sínú lísìtì rẹ̀ pé แป้ง = sítáàṣì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi sítáàṣì síbẹ̀ fún un láìbi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo sábà máa ń fi sínú lẹ́tà ni ประกอบด้วย ("prakọ̀p dúàì"), torí kíléèmù tí ò ní in ò wọ́pọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ní nǹkan báyìí báyìí nínú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lédè Òyìnbó, ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì: "ó ní A, B àti C, nǹkan míì sì lè wà mọ́ ọn", tàbí "A, B àti C nìkan ló ní". Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹni tó fi D kún ẹ̀rọ rẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ páténtì. Tó bá jẹ́ ti èkejì, ó lè bọ́. Àwọn kan tó ń kọ páténtì Thai máa ń kọ ประกอบรวมด้วย nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣí sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi เท่านั้น ("nìkan") parí ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní títì. Àwọn kan ò ṣe ọ̀kankan. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dá a yàn. Ẹ kọ èyí tí gbólóhùn náà gbè jù, kí ẹ kọ àkíyèsí sísàlẹ̀ fún lọ́yà.

## Ẹ ṣírò ọjọ́ kó tó dé inú lẹ́tà

Tí ẹ bá kàn sọ pé "ẹ fún wa láàyè díẹ̀ sí i", ẹ ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tiẹ̀. Tiwa rèé, ìwé tí mo fojú bù pé ó máa tó ọ̀rọ̀ 5,400 lédè Òyìnbó, èmi ò sì kì í fún atúmọ̀ èdè kan ju ọ̀rọ̀ 1,500 páténtì lọ lójúmọ́ (ẹ fi iye Òyìnbó ṣírò, torí kíka ọ̀rọ̀ Thai tí ò ní àlàfo, iye tí sọfuwéà kan máa fún yín yàtọ̀ sí ti èkejì):

- Mọ́ńdè: sísọ àwòrán di lẹ́tà, kí èèyàn sì fi ojú kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé gangan
- Túsìdeè: lísìtì ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fífi ránṣẹ́ kí ọ́fíìsì tó ti
- Wẹ́sìdeè: kọsitọ́mà dáhùn
- Tọ́sìdeè, Fúráídeè, Mọ́ńdè, Túsìdeè: ìtumọ̀
- Wẹ́sìdeè: ẹni kejì tó gbọ́ èdè méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà dé ìlà
- Tọ́sìdeè: nọ́ńbà àwòrán, nọ́ńbà kíléèmù, ọjọ́, ká wò ó pé gbogbo ẹ̀ bára mu, ká fi ránṣẹ́

Nínú ọjọ́ 5 tí kọsitọ́mà fẹ́, ìtumọ̀ ọjọ́ 4 àti ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ló wọ̀ ọ́. Àwọn ọjọ́ 4 tá a fi kún un ni títún ìwé ṣe, lísìtì, ìdáhùn rẹ̀, àti ẹni kejì. Tí ọ́fíìsì yín bá ń sọ fún èèyàn pé ISO 17100, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìtumọ̀, lẹ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ ò lè yọ ẹni kejì kúrò, ìlànà yẹn sọ pé ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹni tó tú u gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

## Bí ẹ ṣe máa to lẹ́tà náà

1. Ẹ sọ ọjọ́ tuntun nínú ìlà méjì àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa wá a.
2. Ẹ sọ ohun tó máa rí gbà ní ọjọ́ tó fẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí ló ń mú ọkàn ẹ̀ balẹ̀.
3. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan hàn án, pẹ̀lú ohun tó lè ná an.
4. Ẹ sọ ọjọ́ tí a fi kún un àti iṣẹ́ tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá dáhùn.
6. Ẹ sọ̀rọ̀ owó, bí kò tiẹ̀ yí padà.

Gbogbo ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Èyí tí mo kọ rèé, mo yọ orúkọ kúrò. Ẹ kọ tiyín ní èdè tí ẹ̀yin àti kọsitọ́mà yín jọ ń sọ.

> Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà.
>
> A ti ka páténtì Thai tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ kó jẹ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kó gbogbo ẹ̀ fún yín, dípò Fúráídeè yìí. Àmọ́ ní Fúráídeè yẹn kan náà, kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ máa gba kíléèmù méjèèje tó wà níbẹ̀, torí àwọn ni lọ́yà yín máa kọ́kọ́ bèèrè. A máa kọ ọ́ sí wọn lórí pé kò tíì parí.
>
> Ìdí tá a fi ń bèèrè rèé, sà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí Thai fi ń pe sítáàṣì, tí wọ́n sì tún fi ń pe fùláwà. Kíléèmù 1 ń fi omi fọ ẹ̀gẹ́ lórí asẹ́, èyí fi hàn pé sítáàṣì ni. Kíléèmù 6 ń gbẹ èèrí, ó ń lọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì lò. Tá a bá tú méjèèjì bákan náà, ẹ lè fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì lórí ohun tí páténtì ò sọ. A fẹ́ fara balẹ̀ yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò, mẹ́jọ ni wọ́n, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé náà.
>
> Ọjọ́ 4 tá a fi kún un, báyìí la máa lò ó: ọjọ́ 1 láti sọ ìwé náà di lẹ́tà torí àwòrán lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́, ọjọ́ 1 fún lísìtì ọ̀rọ̀, ọjọ́ 1 fún ìdáhùn yín, ọjọ́ 1 fún ẹni kejì tó máa ka gbogbo ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Thai.
>
> Ohun tá a fẹ́ lọ́wọ́ yín, sà: lọ́la kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn gbà, ojú ìwé kan ni. Ẹ bá wa kọ orúkọ tí ẹ̀ ń pe ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú àgírímẹ́ǹtì yín sí i, kẹ́ ẹ dá a padà ní Wẹ́sìdeè kó tó di aago 5. Tí kò bá dé, a máa lo èyí tá a rò pé ó tọ́, a ó sì fi àmì sí i níbi gbogbo tó ti jáde, kí ọjọ́ má bàa yẹ̀.
>
> Owó ò yí padà. Ẹni kejì ti wà nínú iye tá a sọ.
>
> Ohun kan tó kù, sà: páténtì kékeré ni, ọdún 2020 ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ọdún 6 nirú ẹ̀ ń lò bí wọn ò bá fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún lọ́yà yín kí ó bèèrè bóyá ó ṣì wà láàyè.
>
> Ẹ ṣeun, sà.

Ẹ wò ó pé mi ò kọ pé Thai le níbì kankan. Mi ò sì sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ wà lábẹ́ páténtì tàbí kò sí lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn, iṣẹ́ lọ́yà ni, títí kan ọ̀rọ̀ pé páténtì Thai, ilẹ̀ Thai ló mọ, àti bóyá wọ́n fi irú ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

## Lísìtì ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi tẹ̀ lé lẹ́tà

Ibí ni mo ti rí àṣìṣe jù. Wọ́n á kó ọ̀rọ̀ 40 jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ilé iṣẹ́ láti bójú tó, wọ́n á wá máa bínú pé kò dáhùn. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́rin: bí Thai ṣe kọ ọ́, ibi tó wà (kíléèmù àti nọ́ńbà àwòrán), ìtumọ̀ tí ẹ̀yin dábàá, àti ìbéèrè kan tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì o. Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ sítáàṣì ni àbí fùláwà?" Ìwé ló máa sọ ohun tó túmọ̀ sí, kì í ṣe ìfẹ́ ẹni tó ń sanwó, ẹni tó bá sì jẹ́ kí kọsitọ́mà yan ìtumọ̀ kíléèmù ti kọ nǹkan míì, kò tú u mọ́. Ohun tí ẹ lè bi í ni orúkọ tóun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń pe nǹkan tí ẹ ti mọ̀. Bí àpẹẹrẹ, nọ́ńbà 14 nínú àwòrán, Thai pè é ní เฟือง, ìyẹn jíà eléyín tó ń yí ara wọn. เกียร์ tún wà, òun náà jíà ni, àmọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́fà ọkọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí Thai lọ́kàn. Ẹnjiníà wo àwòrán, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi sọ orúkọ tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti ọ̀dọ̀ Òyìnbó náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Pólímà nìkan, พอลิเมอร์ ni ti àwọn onímọ̀ èdè ìjọba, โพลีเมอร์ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ. Tí ẹ bá fi ọ̀kan wá inú ìwé, èkejì ò ní jáde, ẹ sì lè rò pé ẹ ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

## Àwọn àṣìṣe tó ń ba lẹ́tà jẹ́

Kíkọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Lẹ́tà yìí, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé ni, tó pẹ́ tán ọjọ́ kejì. Ẹni tó gbọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè lè sún ìpàdé síwájú. Ẹni tó gbọ́ ní Tọ́sìdeè ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kíkọ Thai púpọ̀ sínú ẹ̀. Nínú lẹ́tà tí mo kọ, kò sí lẹ́tà Thai kankan, torí kò ní kà á. Inú lísìtì ni ibùgbé wọn.

Bíbèèrè ọjọ́ tí ò ní iṣẹ́. Tí ìwé yín bá mọ́, tó ṣe é kọ́pì, ẹ má ka ọjọ́ títẹ̀ mọ́ ọn.

Kéèyàn má bi í ibi tí dẹ́dílàìnì ti wá. Èyí dùn mí torí ó ti ṣe mí rí. Kọsitọ́mà kan ní òun fẹ́ iṣẹ́ òun ní ọjọ́ 6, a ò sùn, a parí ẹ̀, ó wá jẹ́ pé ìpàdé rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dẹ́dílàìnì ìpàdé ṣe é sún. Ti ọ́fíìsì páténtì ò rí bẹ́ẹ̀: tó bá jẹ́ pé òdì kejì lẹ̀ ń ṣe, tí ẹ̀ ń tú ìwé *sí* Thai fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà PCT, ìyẹn àdéhùn tó ń jẹ́ kéèyàn fi ìwé kan bèèrè páténtì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ Thailand, oṣù 30 ni wọ́n ní látọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀, ìtumọ̀ Thai sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ má kọ irú lẹ́tà yìí sí ẹni tí oṣù 30 rẹ̀ ń pé lọ́la. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ fi èèyàn kún iṣẹ́.

## Tó bá ní òun ò gbà

- Kíléèmù nìkan ní ọjọ́ tó fẹ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa ń fi sínú lẹ́tà kó tó bèèrè. Ẹ kọ "kò tíì parí" sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí ẹ bá rí nínú àlàyé ẹ̀rọ lè yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú kíléèmù.
- Atúmọ̀ èdè méjì, kí wọ́n pín in. Ó máa gba ọjọ́ 2 là nínú 4 tó wà fún ìtumọ̀, kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí lísìtì tó parí. Láìsí lísìtì, ọ̀kan á kọ asẹ́, èkejì á kọ ajọ̀, lọ́yà á rò pé ẹ̀yà ẹ̀rọ méjì ni.
- Kíkà á lórí fóònù. Atúmọ̀ èdè, ẹnjiníà àti lọ́yà, wákàtí kan, kí wọ́n jọ wo kíléèmù 1 àti àwòrán. Kò sí ìwé tí wọ́n máa dì mú, àmọ́ ó lè tó fún ìpàdé.

Èyí tí mi ò kì í gbà ni kí wọ́n yọ ẹni kejì kúrò kí ọjọ́ lè dín. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló fẹ́, màá dá iṣẹ́ náà padà.

## Kí ẹ tó tẹ ránṣẹ́

- Ọjọ́ tuntun wà lókè pátápátá, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ (Tọ́sìdeè), kì í ṣe "ọjọ́ 9" nìkan
- Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ wà nínú ìwé tiẹ̀, ẹ sì ti sọ kíléèmù tó wà
- Àwọn ọjọ́ tí ẹ fi kún un, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ iye tí ẹ sọ
- Kò sí ibi tí ẹ ti sọ ohun tí òfin máa sọ
- Ẹ ti yọ 543 kúrò lára ọdún
- Ẹ ti sọ ohun tí ẹ máa ṣe tí kò bá dáhùn

Tí aago 5 Wẹ́sìdeè bá lu tí lísìtì ò tíì padà, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ìlà kan ránṣẹ́ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ẹ dábàá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ẹnjiníà wa, agogo 9 alẹ́ ló dáhùn, ó yí orúkọ ẹ̀yà mẹ́ta padà, ó sì kọ sí abẹ́ แป้ง ti kíléèmù 6 pé òun ò mọ̀ pé wọ́n tún ń lọ èèrí nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó ń tà á fún òun ò sọ ọ́ rí.